Wọ́tàmáàkì Tí Wọ́n Gé Kúrò Di Ẹ̀rí ní Kóòtù

Ní ọdún 2006, ìwé ìròyìn New Jersey Monthly ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ fún onífọ́tò kan, Peter Murphy, pé kó ya àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò méjì, Craig Carton àti Ray Rossi. Àwòrán tó yà pani lẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì dúró sẹ́yìn pátákó ilé iṣẹ́ rédíò wọn, ó sì dà bíi pé wọn kò wọ aṣọ kankan. Nígbà tí ìwé ìròyìn náà jáde, wọ́n kọ orúkọ Murphy wẹ́wẹ́ sí etí ojú ewé, lápá ibi tí wọ́n ti di ìwé pọ̀. Ibẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ya àwòrán máa ń wò.

Òṣìṣẹ́ kan nílé iṣẹ́ rédíò náà fi ẹ̀rọ da àwòrán yìí kọ látinú ìwé ìròyìn, ó gé etí rẹ̀, ó sì gbé e sórí ìkànnì wọn. Orúkọ Murphy bá etí náà lọ. Ilé iṣẹ́ rédíò tún ké sí àwọn olùgbọ́ pé kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tún àwòrán náà ṣe bó bá ṣe wù wọ́n, àwọn èèyàn sì fi oríṣiríṣi 26 ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ Murphy, bẹ́ẹ̀ òun ló ni ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá rédíò láre, Murphy sì gba kòtẹ́milọ́rùn lọ.

Ibi tí ẹjọ́ náà já sí kan ẹnikẹ́ni tó bá ti gé ìsàlẹ̀ àwòrán rí kí orúkọ tó wà níbẹ̀ má bàa hàn. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀: oníṣẹ́ gíráfíìkì, oníwàásù tó ń wá àwòrán fún ìwé ìpè, olùkọ́ tó ń ṣe ìwé iṣẹ́, òǹkọ̀wé tó ń fowó ara rẹ̀ tẹ ìwé. Ọ̀pọ̀ wọn kò ka ara wọn sí olè. Ohun tí wọ́n rí ni àwòrán tó dára, tí nǹkan kékeré kan bà á jẹ́ nísàlẹ̀, wọ́n sì mú nǹkan kékeré náà kúrò.

Nǹkan kékeré náà ni wọ́tàmáàkì. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Getty Images, Shutterstock àti Alamy ń kó àwòrán ọ̀kẹ́ àìmọye jọ láti ọwọ́ àwọn onífọ́tò káàkiri àgbáyé, wọ́n sì ń ta àṣẹ láti lò wọ́n. Kí oníbàárà lè yẹ ọjà wò kó tó sanwó, wọ́n ń gbé ẹ̀dà kékeré kan síta lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á sì tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ sójú rẹ̀. Bó bá sanwó tán ni wọ́n tó fún un ní ẹ̀dà ńlá tí kò ní àmì kankan. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ̀dà tó ní wọ́tàmáàkì kì í ṣe ọjà rárá. Àyẹ̀wò ni.

Bí wọ́n ṣe ń tẹ àmì yìí yàtọ̀ síra. Alamy máa ń tú orúkọ rẹ̀ ká sójú àwòrán ní lẹ́tà tó rí fírífírí, á wá so ọ̀já dúdú kan mọ́ ìsàlẹ̀, níbi tó kọ nọ́ńbà àwòrán àti www.alamy.com sí. Shutterstock náà máa ń so ọ̀já funfun mọ́ ìsàlẹ̀, pẹ̀lú shutterstock.com àti nọ́ńbà àwòrán. Getty Images máa ń gbé àpótí kékeré sójú àwòrán fúnra rẹ̀, wọ́n sì máa ń kọ orúkọ onífọ́tò sínú rẹ̀.

Ọ̀já ìsàlẹ̀ yẹn ló ń tan àwọn èèyàn jù. Kò sí nínú àwòrán. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́, nítorí náà ẹni tó bá gé e kò pàdánù nǹkan kan lára fọ́tò. Ìṣẹ́jú kan kò ní kọjá lórí fóònù. Èyí tí wọ́n tẹ̀ sójú àwòrán ló le díẹ̀, nítorí ẹni tó bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní láti wá ibi tí àmì kò dé, kó gé ibẹ̀ nìkan lò, kó sì da ìyókù nù.

Ká wo ohun tí èyí máa ń sọ àwòrán dà. Ká ní òǹkọ̀wé kan ń tẹ ìwé ìtàn ní Ṣómólú nílùú Èkó, níbi tí àwọn onítẹ̀wé pọ̀ sí. Èèyàn ń wá àwòrán ọjà alẹ́ fún èèyin ìwájú ìwé náà, ó sì rí ẹ̀dà àyẹ̀wò kan tó fẹ̀ tó 1,000 píkísẹ́lì, tó ga tó 667. Píkísẹ́lì ni àwọn ẹ̀kán kékeré aláwọ̀ tó kóra jọ di àwòrán lójú kọ̀ǹpútà. Èèpo ìwé náà fẹ̀ tó íǹṣì 5.5, ó ga tó íǹṣì 8.5. Kí ìtẹ̀wé tó lè mọ́ dáadáa, ohun tí àwọn onítẹ̀wé máa ń béèrè ni ẹ̀kán 300 lórí íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni pé èèpo náà nílò 1,650 ní ìbú àti 2,550 ní gíga.

Àwòrán ọjà náà dùbúlẹ̀, èèpo ìwé sì dúró. Bí oníṣẹ́ gíráfíìkì bá lo gbogbo gíga àwòrán, ìbú tí yóò bá èèpo mu kò ju 431 lọ nínú 1,000. Ó ti da ohun tó ju ìdajì àwòrán lọ nù, bóyá nítorí àpótí orúkọ tó wà lápá ọ̀tún pẹ̀lú. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó 290,000 ẹ̀kán, bẹ́ẹ̀ èèpo ìwé ń béèrè ohun tó ju 4,200,000 lọ. Kọ̀ǹpútà yóò na ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan kó lè bo ibi tó yẹ kí nǹkan bíi 15 wà. Lójú fóònù, kò ní hàn. Lórí bébà, ojú àwọn ìyálọ́jà yóò ti rọ̀ bí ẹní wò wọ́n nínú kùrukùru, etí àtùpà yóò máa já págunpàgun, àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí Alamy tú ká sójú àwòrán yóò sì jáde bí àbààwọ́n lójú sánmà. Onítẹ̀wé tó mọṣẹ́ yóò ti mọ̀ látìgbà tó bá ti ṣí fáìlì pé ẹ̀dà àyẹ̀wò ni wọ́n gbé wá.

Bí ìtẹ̀wé náà bá tiẹ̀ dára, ọ̀rọ̀ òfin ṣì wà níbẹ̀.

Ní ọdún 1998, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní DMCA. Abala 1202 nínú rẹ̀ dáàbò bo àlàyé tó bá iṣẹ́ kan rìn: orúkọ ẹni tó ṣe é, orúkọ ẹni tó ni í, àkọlé iṣẹ́ náà, àti àdéhùn tí wọ́n fi ń lò ó. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ yọ àlàyé yìí kúrò láìgbàṣẹ, bó bá mọ̀ tàbí tó yẹ kó mọ̀ pé yíyọ náà yóò ran jíjí iṣẹ́ lò lọ́wọ́ tàbí kó bò ó mọ́lẹ̀. Owó gbà-má-bìínú tí kóòtù lè ní kí ẹni tó rú abala yìí san wà láàárín 2,500 dọ́là sí 25,000 dọ́là fún ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Owó yìí yàtọ̀ sí èyí tí yóò san nítorí pé ó lo iṣẹ́ náà láìgbàṣẹ.

Nínú ẹjọ́ Murphy, àríyànjiyàn ilé iṣẹ́ rédíò ni pé torí àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ iṣẹ́ lórí ayélujára ni wọ́n ṣe ṣe abala yìí, pé orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sí etí bébà kò sí lára ohun tó ń dáàbò bò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2011, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn adájọ́ ní ohun tí òfin kọ sílẹ̀ yé dáadáa: orúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́, bó bá ti bá iṣẹ́ náà rìn, wà lábẹ́ ààbò, ì báà jẹ́ kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Wọ́n yí ìdájọ́ àkọ́kọ́ padà, wọ́n sì dá ẹjọ́ náà padà fún àtúngbọ́. Bí orúkọ wẹ́wẹ́ ní etí bébà bá ní ààbò, ó ṣòro láti rí bí ọ̀já dúdú tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà àwòrán kò ṣe ní ní in.

Ẹjọ́ mìíràn jẹ́ ká rí iye tó ń náni. Ní ọdún 2017, onífọ́tò Gregory Mango ya fọ́tò kan fún ìwé ìròyìn New York Post, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. BuzzFeed lo fọ́tò náà láìgbàṣẹ, orúkọ ilé iṣẹ́ àwọn agbẹjọ́rò kan ni wọ́n sì kọ síbẹ̀ dípò tirẹ̀. Kóòtù ní kí wọ́n san 3,750 dọ́là fún lílo fọ́tò, kí wọ́n sì san 5,000 dọ́là fún orúkọ tí wọ́n yọ. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i ní 2020. Owó orúkọ ju owó fọ́tò lọ.

Òfin yìí ní ààlà tirẹ̀ pẹ̀lú, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í dẹ́rù ba àwọn èèyàn kọjá bó ṣe yẹ. Àwọn onífọ́tò kan gbé ilé iṣẹ́ CoreLogic lọ sí kóòtù nítorí pé sọ́fítíwíà rẹ̀, tí àwọn tó ń ta ilé ń lò, máa ń pa àlàyé inú fáìlì fọ́tò rẹ́ nígbà tó bá ń dín wọn kù. Wọ́n pàdánù ní kòtẹ́milọ́rùn ní 2018. Ìdí ni pé wọn kò rí ẹ̀rí mú wá pé ilé iṣẹ́ náà mọ̀ pé yíyọ àlàyé yẹn yóò ran olè lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ló ṣe é, gbogbo fọ́tò ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

Ibí yìí gan-an ni ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gé wọ́tàmáàkì ti kó ara rẹ̀ sí wàhálà. Ẹni tó bá lo àwòrán pẹ̀lú orúkọ Alamy lójú rẹ̀ ti ṣẹ̀, àmọ́ ó ṣì lè sọ pé òun kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun sanwó. Ẹni tó bá gé orúkọ náà ti ka orúkọ náà. Ó rí i, ó mọ ohun tó túmọ̀ sí, ó sì yàn láti mú un kúrò. Ohun tó ṣòro jù fún onífọ́tò láti fi hàn ní kóòtù ni ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn, gígé yìí sì ti gbé e síta fún un.

Ní Nàìjíríà, òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọpọlọ, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, tí wọ́n ń pè ní Copyright Act 2022, ti ní irú ìdènà yìí nínú fún àlàyé tó wà lórí ẹ̀rọ ayárabíàṣá. Ó tún dá ẹ̀tọ́ onífọ́tò mọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun lórí iṣẹ́ òun, àti láti kọ̀ bí wọ́n bá ba iṣẹ́ náà jẹ́ lọ́nà tó lè tàbùkù sí i. Nítorí náà, ẹni tó wà ní Ìbàdàn kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ni. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣe ìwé ìpè àti ìwé ìròyìn ìjọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní òfin tiwọn náà, ó sì rọrùn fún onífọ́tò láti gbé wọn lọ sí kóòtù níbẹ̀, nítorí ìlú Ọba ní ẹ̀ka kóòtù kan tó ń gbọ́ ẹjọ́ kéékèèké lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, níbi tí owó tí wọ́n ń béèrè kò bá ti ju 10,000 pọ́n-ùn lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Wọ́n rò pé orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń dá àwòrán mọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tó ń wá àwòrán kiri, bíi TinEye tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 àti PicScout tí Getty Images rà ní 2011, kì í ka orúkọ tó wà lójú àwòrán. Wọ́n ń wo bí ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ àti ìlà ṣe tò nínú rẹ̀, wọ́n á fi èyí ṣe àmì ìdánimọ̀, wọ́n á sì máa fi í wé àwọn àwòrán tó wà lórí ayélujára. Bí wọ́n bá gé ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ kan, èyí tó kù ṣì máa ń tó fún ẹ̀rọ láti dá a mọ̀. Onífọ́tò sì ní odindi àwòrán lọ́wọ́. Bó bá gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n gé, gbogbo èèyàn ló máa rí èyí tó jáde látinú èkejì.

Kì í ṣe gbogbo gígé ló burú. Ẹni tó ti ra àṣẹ lè gé àwòrán kó bá èèpo ìwé tàbí ìwé ìpè rẹ̀ mu, níwọ̀n ìgbà tí àdéhùn bá gbà á láàyè. Àwọn àwòrán tí onífọ́tò gbé síta pẹ̀lú àṣẹ Creative Commons náà wà, púpọ̀ nínú wọn sì gba gígé láàyè. Níbẹ̀, bí orúkọ bá wà ní igun àwòrán tí èèyàn sì gé igun náà, ó gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ọ̀hún sábẹ́ àwòrán, kó sì sọ pé òun ti gé e. Orúkọ lè kúrò níbi tó wà, kò gbọdọ̀ sọnù.

Èyí tó ta kókó jù ni àwòrán tí ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ ti parí tàbí tí ẹni tó ni í ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń ta irú àwòrán bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú wọ́tàmáàkì lójú rẹ̀. Carol Highsmith, onífọ́tò ará Amẹ́ríkà, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò tirẹ̀ fún ilé ìkàwé Library of Congress kí gbogbo èèyàn lè lò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2015, lẹ́tà kan dé ọ̀dọ̀ àjọ tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ pé kí wọ́n san 120 dọ́là fún fọ́tò tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà. Ó gbé Getty Images àti àwọn mìíràn lọ sí kóòtù ní 2016. Kóòtù lé èyí tó dá lórí òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ dànù, nítorí pé ó ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀, wọ́n sì parí ìyókù láàárín ara wọn.

Ìwà àwọn tó kọ lẹ́tà yẹn kò dára, òfin ì báà mú wọn, ì báà má mú wọn. Ó tún fi hàn pé wọ́tàmáàkì kì í ṣe ìwé ilé: ó ń sọ ẹni tó ń tajà, kò fi dandan sọ ẹni tó ni ọjà. Síbẹ̀, ẹni tó bá fura pé àwòrán kan jẹ́ ti gbogbo ayé kò nílò láti gé àmì ẹnikẹ́ni. Kó lọ síbi tí wọ́n kó o sí lọ́fẹ̀ẹ́. Fọ́tò Highsmith wà ní Library of Congress láìní àmì kankan, ó sì tóbi ju ẹ̀dà àyẹ̀wò lọ lọ́nà tó pọ̀.

Ní ti ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́, ó yẹ ká wo ọ̀nà tí owó ń gbà dé ọwọ́ onífọ́tò. Láti oṣù kẹfà ọdún 2020, ìpín onífọ́tò tó ń ta iṣẹ́ ní Shutterstock bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, tó sì lè gòkè dé 40 bí ọjà rẹ̀ bá ṣe ń tà sí. Bí wọ́n bá ta àṣẹ kan ní 10 dọ́là, ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ lè gba dọ́là kan àti ààbọ̀. Àwọn kan ń fi èyí ṣe àwáwí pé ilé iṣẹ́ ńlá ló ń jẹ owó náà, kò sì sí ohun tó burú níbi kí èèyàn gé e lò. Àwáwí náà kò dúró. Dọ́là kan àti ààbọ̀ yẹn nìkan ni ẹni tó jí lóru, tó ru kámẹ́rà dé ọjà, tó sì tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ìyálọ́jà máa rí, gígé yìí sì ti gba ìyẹn pàápàá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹlòmíràn tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé ni ẹni tí ojú rẹ̀ wà nínú àwòrán. Ilé iṣẹ́ tó ń ta àwòrán fún ìpolówó máa ń béèrè ìwé tí ẹni náà fọwọ́ sí, àdéhùn wọn sì máa ń sọ ohun tí a kò gbọdọ̀ fi ojú rẹ̀ ṣe, bíi kí a fi í polówó oògùn àrùn ìtìjú bí ẹni pé òun ló ń ṣàìsàn. Ẹni tó gé ẹ̀dà àyẹ̀wò kò ka àdéhùn kankan. Ó lè fi ojú ìyá olómọ sára ìwé ìpolówó àgbo jẹdíjẹdí, kó má sì mọ ìyá ẹni tó dójú tì.

Ẹni tí kò lówó ní ọ̀nà mìíràn. Láti ọdún 2014 ni Getty Images ti ń jẹ́ kí ìkànnì tí kì í ṣe ti òwò gbé ọ̀pọ̀ àwòrán rẹ̀ jáde lọ́fẹ̀ẹ́, níwọ̀n ìgbà tó bá lo kóòdù tí ilé iṣẹ́ náà fún un, orúkọ onífọ́tò á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Wikimedia Commons kún fún àwòrán ọjà, àwọn ọba àti ọdún ìbílẹ̀ tó gba lílò. Onífọ́tò àdúgbò pẹ̀lú wà, tó lè ya ọjà alẹ́ yẹn ní owó tí a bá a ná, tí yóò sì kọ ìwé àṣẹ lé òǹkọ̀wé lọ́wọ́.

Bí lẹ́tà bá ti dé pé ẹ wá sanwó àwòrán tí ẹ gé, ẹ má jù ú nù. Ẹ yọ àwòrán náà kúrò lójú ìkànnì, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé yíyọ rẹ̀ kò pa gbèsè tó ti wà nílẹ̀ rẹ́. Ẹ béèrè ẹ̀rí pé ẹni tó kọ lẹ́tà ló ni ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà, ẹ sì wá lọ́yà kí ẹ tó fèsì lórí iye owó. Ẹ̀yin onítẹ̀wé náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ béèrè ìwé àṣẹ àwòrán tó gbé wá.